Ìdí Tí A Fi Ń Dojú Ìdá Délẹ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Í Pín

Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti fi ìdá pín iye kan kò gùn rárá: dojú ìdá tí a fi ń pín délẹ̀, kí iye òkè rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè, lẹ́yìn náà kí a fi ohun tó jáde sọ iye tí a ń pín di púpọ̀. Báyìí ni 2 ÷ 3/4 ṣe ń di 2 × 4/3, tí èsì rẹ̀ sì jẹ́ 8/3, ìyẹn 2 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìlànà náà kì í kùnà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n lò tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Pínpín ló wà lórí ìwé, ìsọdipúpọ̀ ni a ṣe, ohun tí a pín sì tún wá pọ̀ ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá béèrè ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ọ dáhùn. Ìdáhùn náà wà nínú àwòrán kan tí ẹnikẹ́ni lè fi rúlà yà, bí a bá ti kọ́kọ́ mọ ohun tí pínpín ń béèrè gan-an.

Ìbéèrè méjì ni 12 ÷ 3 lè jẹ́. Bí a bá pín ọsàn 12 sí ọ̀nà 3, a fẹ́ mọ iye ọsàn tó máa bọ́ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, a fẹ́ mọ iye òkìtì tí a máa rí. 4 ni èsì méjèèjì, ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi odindi nọ́ńbà pín kì í fi í sábà kíyè sí i pé ìbéèrè méjì ni. Ìgbà tí ìdá bá dé ni ìyàtọ̀ wọn máa ń yọjú. Ó ṣòro kí ènìyàn tó fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí ọ̀nà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, nítorí ọ̀nà kan péré kò tíì pé níbẹ̀. Ìbéèrè kejì ní tirẹ̀ kò yí padà rárá: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mélòó ló wà nínú 2? Ibẹ̀ ló dára kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́.

Kí a mú aṣọ kan tó gùn ní yáàdì 2, kí a sì gbà pé fìlà kan ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yáàdì kan. Fìlà mélòó ni aṣọ náà tó? Lórí ìwé, kí a ya ọ̀já gbọọrọ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8. Sẹ̀ǹtímítà 4 àkọ́kọ́ dúró fún yáàdì kìíní, 4 tó kù dúró fún yáàdì kejì, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin yáàdì. Kí a wá fi ìlà gé e ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Àpótí 8 ló máa jáde. Fìlà kan ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn àpótí 3. Bí a bá kọ A sínú àpótí ti fìlà àkọ́kọ́, B sínú ti ìkejì, D sínú ti ìkẹta, àwòrán náà yóò rí báyìí:

```
   yáàdì kìíní           yáàdì kejì
[ A ][ A ][ A ][ B ] | [ B ][ B ][ D ][ D ]
```

A pé, B pé, àpótí méjì péré ni D sì rí nínú mẹ́ta tó yẹ kó ní. Fìlà 2 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta fìlà ni èsì náà.

Ó yẹ kí a wo ohun tí ọwọ́ wa ṣe lórí ìwé yẹn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìlànà náà wà. Lákọ̀ọ́kọ́, a gé yáàdì kọ̀ọ̀kan sí 4, ìyẹn ló sọ 2 di àpótí 8. Ìsọdipúpọ̀ nìyẹn, iye ìsàlẹ̀ ìdá náà, 4, ni a sì fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, a ṣa àpótí wọ̀nyí jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn ló sọ 8 di 8/3. Pínpín nìyẹn, iye òkè, 3, ni a sì fi ṣe é. Iye ìsàlẹ̀ sọ nǹkan di púpọ̀, iye òkè sì pín in. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀ sórí ìlà kan yóò kọ 2 × 4 ÷ 3, ìyẹn 2 × 4/3. Kò sí ẹni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ dojú ìdá náà délẹ̀. Gígé àti ṣíṣà ló gbé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tó yẹ ẹ́.

Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú nípa èsì tó pọ̀ ju iye tí a pín lọ náà ti yanjú níbí. Nínú 2 ÷ 3/4, yáàdì ni 2, fìlà sì ni 8/3. Aṣọ náà kò gùn sí i. Fìlà ni a ń kà, fìlà kan kò sì tó yáàdì kan, nítorí náà ó di dandan kí iye fìlà ju iye yáàdì lọ. Bí ohun tí a fi ń wọ̀n bá ṣe kéré tó ni iye ìgbà tí a máa fi wọ̀n ọ́n ṣe máa pọ̀ tó.

Kí a dúró díẹ̀ lórí àpótí méjì tó kù, torí pé àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú àgbàlagbà pàápàá. Àpótí méjì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́rin yáàdì, ìyẹn ìdajì yáàdì. Ẹni tó bá rí i báyìí lè kọ èsì rẹ̀ sí 2 àti ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ilé-ìwé sọ pé 2 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Èwo ló tọ̀nà? Aṣọ tó kù lórí tábìlì jẹ́ ìdajì yáàdì lóòótọ́, téèpù yóò sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n a kò béèrè yáàdì mélòó ló kù. Fìlà mélòó ni ìbéèrè wa, fìlà sì ni a gbọ́dọ̀ fi wọn èyí tó kù náà. Nínú àpótí mẹ́ta tí fìlà kan ń fẹ́, méjì wà nílẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta fìlà nìyẹn. Ohun kan náà ni ìdajì yáàdì àti ìdá méjì nínú mẹ́ta fìlà, òṣùwọ̀n tí a fi wò ó ló yàtọ̀. Ẹni tó bá kọ 2 àti ìdajì ti fi fìlà ka apá kan, ó sì fi yáàdì ka apá kejì, ó wá da méjèèjì pọ̀ sínú nọ́ńbà kan. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni kí a dá a padà: 2 àti ìdajì ní ìlọ́po ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 15/8, kò dé 2. 8/3 ní ìlọ́po 3/4 jẹ́ 24/12, ìyẹn 2 géérégé.

Àwòrán yìí tún lè kéré ju báyìí lọ, kí agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Kí a fi yáàdì kejì sílẹ̀, kí a wo yáàdì kan ṣoṣo. Àpótí 4 ló wà nínú rẹ̀, fìlà kan sì ń gba 3. Nítorí náà yáàdì kan tó fìlà kan pẹ̀lú àpótí kan lé, àpótí kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta fìlà. Yáàdì kan, nígbà náà, jẹ́ fìlà 4/3. Ìdá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ nìyí, ó sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀: 4/3 ni iye ìgbà tí 3/4 wà nínú 1. Bí a bá ti mọ èyí, kò pọn dandan kí a tún ya àwòrán fún gígùn mìíràn. Yáàdì 2 jẹ́ ìlọ́po méjì 4/3, yáàdì 5 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, ìdajì yáàdì sì jẹ́ ìdajì rẹ̀, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta fìlà, bí a ti rí i lára D. Láti fi 3/4 pín iye kan ni láti béèrè iye ìgbà tí 3/4 wà nínú rẹ̀; bí a bá ti mọ iye tó wà nínú ẹyọ kan, a ó fi sọ iye náà di púpọ̀ ni. Bákan náà ni fún ìdá èyíkéyìí. 2/5 wà nínú 1 ní ìgbà 5/2, torí pé àpótí 5 ló wà nínú ẹyọ kan tí a sì ń ṣà á ní méjì-méjì. 7/4 wà nínú 1 ní ìgbà 4/7, torí pé àpótí 7 ni a ń fẹ́, 4 péré ló sì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a fi sílẹ̀, ti pínpín sí ọ̀nà, kò ṣeé pa tì, nítorí pé ó máa ń yọjú nínú ìṣirò tòótọ́. Ká ní aṣọ yáàdì 2 yìí jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo aṣọ tí dàńṣíkí ọmọdé kan ń fẹ́, yáàdì mélòó ni dàńṣíkí náà ń fẹ́ tán? Níbí kò sí fìlà tí a ń kà. Ọ̀já kan náà ni a ó yà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó gbà gé e yóò yàtọ̀. Yáàdì 2 náà jẹ́ apá mẹ́ta nínú mẹ́rin, nítorí náà kí a gé e sí 3 dọ́gba-dọ́gba. Apá kọ̀ọ̀kan yóò gùn ní ìdá méjì nínú mẹ́ta yáàdì. Apá kan ṣì kù tí a kò tíì ní, kí a yà á kún un:

```
|<------- yáàdì 2 ------->|
[  2/3  ][  2/3  ][  2/3  ][  2/3  ]
|<-------- dàńṣíkí kan pé -------->|
```

Apá mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 8/3, ìyẹn yáàdì 2 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Èsì kan náà ni, ìlànà kan náà sì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wá ní ìdàkejì. Pẹ̀lú fìlà, a kọ́kọ́ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀ kí a tó fi 3 pín in. Pẹ̀lú dàńṣíkí, a kọ́kọ́ fi 3 pín in kí a tó fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ètò tó bá wu ènìyàn ló lè gbà, torí ìsọdipúpọ̀ àti pínpín kì í bínú sí èyí tó bá ṣáájú. Àwòrán kejì yìí ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé fún ẹni tí fìlà tí kò pé ń dà láàmú, nítorí pé kò sí ohunkóhun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Àwòrán ọ̀já tó fún 2 ÷ 3/4. Bí iye tí a ń pín bá jẹ́ ìdá fúnra rẹ̀, tí iye ìsàlẹ̀ wọn kò sì dọ́gba, ó sàn kí a lo àpótí ńlá onígun mẹ́rin. Kí a wo 2/3 ÷ 4/5. Kí a ya àpótí náà, kí a fi ìlà òòró pín in sí 3, kí a sì fi ìlà ìdábùú pín in sí 5. Àpótí kéékèèké 15 ló máa wà nínú rẹ̀. Òòró méjì nínú mẹ́ta ni 2/3, ìdábùú mẹ́rin nínú márùn-ún sì ni 4/5. Kí a kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀:

```
 2/3          4/5
■ ■ □        ■ ■ ■
■ ■ □        ■ ■ ■
■ ■ □        ■ ■ ■
■ ■ □        ■ ■ ■
■ ■ □        □ □ □
```

Àpótí 10 ló dúdú lápá òsì, 12 lápá ọ̀tún. Ìbéèrè náà ti wá rọrùn gan-an: àpótí 12 mélòó ló wà nínú àpótí 10? Kò pé ẹyọ kan. 10/12 ni, ìyẹn 5/6. Kí a wo ibi tí nọ́ńbà méjèèjì ti wá. 10 jẹ́ òòró 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpótí 5, 2 × 5. 12 jẹ́ ìdábùú 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpótí 3, 4 × 3. Iye òkè ti àkọ́kọ́ pàdé iye ìsàlẹ̀ ti ìkejì, iye òkè ti ìkejì sì pàdé iye ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ohun tí ìlànà náà ń sọ gan-an nìyẹn, bí a bá fi lẹ́tà kọ ọ́:

```
a/b ÷ c/d = (a × d) / (b × c)
```

Àpótí 15 fúnra rẹ̀ kò sí nínú èsì. Ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán nígbà tó sọ ìdá méjèèjì di ohun tí a lè kà pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé. Ní Ṣáínà, ìwé ìṣirò àtijọ́ kan wà tó ní orí mẹ́sàn-án, tí Liu Hui kọ àlàyé sí ní ọdún 263; ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìsàlẹ̀ àwọn ìdá di ọ̀kan náà kí wọ́n tó fi ọ̀kan pín èkejì. Ní Íńdíà, ní nǹkan bí ọdún 850, Mahavira kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí a pààrọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá tí a fi ń pín, kí a sì ṣe é bí ìsọdipúpọ̀. Àpótí onígun mẹ́rin ti òkè yìí fi hàn pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: ẹni tó bá sọ ìsàlẹ̀ di ọ̀kan náà rí 10 àti 12, ẹni tó bá dojú ìdá délẹ̀ rí 10/12 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ ìlànà láìmọ ìdí ti ń tú síta ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí ènìyàn fi ìtàn gbé ìṣirò náà kalẹ̀. Nínú ìwé kan tí Liping Ma gbé jáde ní 1999, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fún olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 23 ní Amẹ́ríkà àti 72 ní Ṣáínà ní 1 3/4 ÷ 1/2 pé kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì wá ìtàn tó bá a mu. Gbogbo olùkọ́ 72 ti Ṣáínà ló rí èsì náà. Nínú ti Amẹ́ríkà, 9 péré ló parí rẹ̀ dé èsì tó tọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló sì mú ìtàn wá tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá ìṣirò náà mu. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn wọn kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni: oúnjẹ kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wà, ẹni méjì sì fẹ́ pín in dọ́gba. Pípín sí méjì nìyẹn, kì í ṣe fífi ìdajì pín. Èsì ìtàn yẹn jẹ́ 7/8, èyí tó kéré sí iye tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ìṣirò náà ń béèrè ni iye ìdajì tó wà nínú 1 3/4. Bí a bá gé e sí ìdá mẹ́rin-mẹ́rin, 7 ló wà níbẹ̀. Ìdajì kan ń gba 2. 7 tí a ṣà ní méjì-méjì jẹ́ 3 àti ìdajì. Èsì méjèèjì jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ya ọ̀já náà kò fi lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Àṣìṣe kejì ni dídojú ìdá tí kò yẹ délẹ̀. Ẹni tó ń ṣe 2 ÷ 3/4 lè yí 2 padà di 1/2, kó sì fi 3/4 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò rí 3/8. Kó tó tún ìṣirò náà ṣe rárá, ó yẹ kí nọ́ńbà yẹn fu ú lára: 3/4 kéré sí 1, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú 2 ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, 3/8 kò sì dé ẹ̀ẹ̀kan pàápàá. Ìbéèrè kan péré ló tó láti fi yẹ èsì wò: ṣé ìdá tí a fi ń pín kéré sí 1 ni tàbí ó jù ú lọ? Bí ó bá kéré, èsì gbọ́dọ̀ ju iye tí a pín lọ. Bí ó bá ju 1 lọ, èsì gbọ́dọ̀ dín. Ìbéèrè yìí kò lè sọ pé èsì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè tú àṣírí èyí tí kò tọ̀nà.

Odindi nọ́ńbà náà wà lábẹ́ ìlànà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà rántí. 3 jẹ́ 3/1: a kò gé ẹyọ sí nǹkan kan, a kàn ń ṣà á ní mẹ́ta-mẹ́ta. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, 1/3 ni, 12 × 1/3 sì jẹ́ 4. Ìlànà kan ṣoṣo ló wà fún pínpín nígbà náà, ti odindi àti ti ìdá.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kò gba ìlànà yìí. Bí iye òkè ìdá tí a fi ń pín bá jẹ́ òdo, bíi 0/4, a lè gé ọ̀já wa sí ìdá mẹ́rin-mẹ́rin bí a ti ń ṣe, àpótí 8 yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ṣíṣà, fìlà kọ̀ọ̀kan kò gba àpótí kankan. A lè kọ A, B, D títí lọ láìfọwọ́ kan àpótí kan, gbogbo mẹ́jọ yóò sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Kò sí iye ìgbà tí a lè ṣà á tí aṣọ náà yóò fi tán, nítorí náà kò sí nọ́ńbà tí a lè kọ gẹ́gẹ́ bí èsì. Bí a bá sì dojú 0/4 délẹ̀, 4/0 ló ń jáde, èyí tí í ṣe ìbéèrè kan náà tí kò ní ìdáhùn.